Ikùn tí Kò Wú: Àlọ́ Ìjàpá, Àsèjẹ Yánníbo àti Ẹ̀kọ́ tí Ọmọdé Lè Dì Mú

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kékeré kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ló sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ bu àkàrà sínú abọ́ fún un pé kó gbé e lọ fún ìyá wa nínú yàrá. Kó tó débẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ lọ́nà. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní: “Àǹtí, ẹ wò ó, ikùn mi ò wú.”

Ohun tó ń wí yé mi kíá. Wọ́n ti pa àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ ìyàwó rẹ̀ fún wọn níléèwé lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì parí rẹ̀ bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní kékeré: ọ̀kánjúwà kò dára, ẹni tó bá ṣe ọ̀kánjúwà, ikùn rẹ̀ á wú. Ọmọ yìí gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ tọkàntọkàn débi pé ó lọ dán an wò. Ó jẹ àkàrà ẹlòmíràn, ó dúró de ìyà, ìyà kò dé. Ìdùnnú tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ìdùnnú olè. Ìdùnnú ẹni tó rídìí ọ̀rọ̀ kan ni.

Mo bi í pé, “Màámi ńkọ́? Èwo ló kù fún wọn?”

Ó wo inú abọ́. Ó tún wo ojú mi. Ó jọ̀wọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Kò kù.” Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló lọ bá ìyá rẹ̀ pé kó tún bu òmíràn, òun fẹ́ gbé e fún Màámi.

Ìyẹn ni mo ń rò láti ọjọ́ náà. Ikùn tó ń wú kò kọ́ ọ ní nǹkan kan tó kọjá ẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì tán nígbà tó rí i pé ikùn òun wà bó ṣe wà. Abọ́ òfìfo tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ìyá wa ló mú un lọ́kàn. Mo padà sídìí àlọ́ náà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wà láti ìpilẹ̀ tí a kò kàn fà á yọ. Ó wà níbẹ̀.

### Àlọ́ náà, bí mo ṣe ń pa á báyìí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ọjọ́ kan, Ìjàpá àti Yánníbo ń gbé inú ilé kan. Wọ́n ní iṣu nínú àká, wọ́n ní adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọmọ. Bí Yánníbo bá gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún ládùúgbò, á ní, “Ká ní mo ní tèmi ni, ǹ bá pọ̀n ọ́n.” Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé, “Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ babaláwo.”

Ìjàpá lọ. Babaláwo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àánú Yánníbo sì ṣe é. Ó já ewé, ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ó gbé ìkòkò kaná, ó fi ẹja àrọ̀ ńlá sí i, ó bu epo pupa, ó fi iyọ̀ àti ata díẹ̀ sí i. Ó sè é títí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo àgbàlá kan. Ó bu ewé bo ẹnu ìkòkò, ó so ó, ó sì gbé e lé Ìjàpá lọ́wọ́. Ó ní:

“Ìjàpá, Yánníbo ni mo se èyí fún. Òun nìkan ni kó jẹ ẹ́. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí o fi kan ẹnu. O ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án kí o fi kan ẹnu. Ṣé o gbọ́?”

Ìjàpá ní, “Mo gbọ́, Bàbá.”

Ó kọrí sílé. Kò tíì rìn jìnnà tí òórùn ẹja àrọ̀ fi wọ imú rẹ̀. Ó ní, “Kí n kàn gbóòórùn rẹ̀ dáadáa ni.” Ó gbé ìkòkò sún mọ́ imú. Ó rìn díẹ̀ sí i. Ó ní, “Kí n kàn ṣí i wò ni, bóyá ó ti dà.” Ó tú ewé. Epo ń dán lójú ọbẹ̀. Ó ní, “Ìka kan ṣoṣo kò lè dín in kù.” Ó tọ́ ọ lá. Ó dùn. Ó ní, “Kí n jẹ ìrù ẹja yìí, Yánníbo kì í kúkú jẹ ìrù.” Ó jẹ ìrù. Ó jẹ orí. Ó jẹ àárín. Ó gbé ìkòkò sókè, ó fi ahọ́n lá ìdí rẹ̀. Ó bá já ewé, ó fi nu ẹnu.

Kò pẹ́ ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó wú díẹ̀. Ó tún wú. Ó wú títí Ìjàpá kò fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó yí padà, ó ń wọ́ lọ sílé babaláwo, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbe é:

Babaláwo, mo wá bẹ̀bẹ̀ —
*Alugbinrin!*
Oògùn tó o ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan —
*Alugbinrin!*
Tó ní n má mà fọwọ́ kẹnu —
*Alugbinrin!*
Tó ní n má mà fẹsẹ̀ kẹnu —
*Alugbinrin!*
Gbòǹgbò ló yọ mí tẹ̀ẹ́rẹ́ —
*Alugbinrin!*
Mo fọwọ́ kọbẹ̀, mo mú kẹnu —
*Alugbinrin!*
Mo bojú wokùn, ó rí gbẹ̀ǹdù —
*Alugbinrin!*

Babaláwo jáde sí i. Ó ní, “Ìjàpá, o ní gbòǹgbò ló gbé ọ ṣubú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Bí o bá ṣubú, ọbẹ̀ á dà sílẹ̀. Ẹja á bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ta ló wá fi ahọ́n lá ìdí ìkòkò mọ́ báyìí?”

Ìjàpá kò rí èsì fọ̀. Babaláwo ní, “Ikùn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yìí, ti Yánníbo ni. N kò ní oògùn tó lè gbà á kúrò lára rẹ.”

Ní àkókò yẹn, Yánníbo wà nílé. Ó ti gbálẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní. Ó ti fọ abọ́ tí yóò fi jẹ àsèjẹ rẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ọkọ rẹ̀, kò sì rí àsèjẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa nìyí: ohun tí wọ́n bá ní kí o gbé fún ẹlòmíràn, ti onítọ̀hún ni, kì í ṣe tìẹ. Bí o bá jẹ ẹ́, onítọ̀hún á dúró títí, kò sì ní rí i. Ọ̀kánjúwà nìyẹn. Má ṣe é.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Ṣùgbọ́n bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!

### Ìdí tó fi jẹ́ ikùn

Ọ̀pọ̀ wa máa ń pa àlọ́ yìí bí ẹni pé ìyà kan kàn já bọ́ lu Ìjàpá láti òkè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n sè é kí ikùn lè tóbi, ikùn sì tóbi. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé ikùn ẹlòmíràn ló wọ̀. Ohun kan náà tí ìbá jẹ́ ayọ̀ lára Yánníbo ló di ìnira lára Ìjàpá, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó wà fún.

Bí a bá rí èyí, a ó rí i pé àlọ́ náà kò ṣèlérí fún ọmọ kankan pé bó bá jẹ àkàrà Màámi, ikùn rẹ̀ á wú. Àkàrà kì í ṣe àsèjẹ. Àwa àgbà ni a gbé ikùn Ìjàpá kúrò nínú ìtàn rẹ̀, tí a sọ ọ́ di pàṣán fún gbogbo ọmọ tó bá jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Pàṣán tí kì í dunni kì í pẹ́ di ohun ìṣeré. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ pé “ọ̀kánjúwà baba àrùn”, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrùn tí wọ́n ń wí kì í ṣe èyí tí ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ìka tẹ̀ wò lára ikùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tó jẹun tán.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹni tó ń pa àlọ́ yìí fún ọmọ ìsinsìnyí ṣe àlàyé rẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ “oògùn”, ohun tó ń rò ni èyí tó korò, tí wọ́n ń dì í mú kí wọ́n tó lè rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Á máa ya á lẹ́nu pé ta ni yóò jí irú ìyẹn mu. Kò sí ẹni tí í jí àgbo jogbo mu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni àsèjẹ. Ewé àti egbò rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ tó ní epo, iyọ̀ àti ẹja tàbí ẹran, àjẹpọ́nnulá ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fara balẹ̀ níbi tí babaláwo ti ń sè é, tí mo ń dárúkọ ẹja, epo àti iyọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí itọ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà pẹ̀lú. Bí òórùn ọbẹ̀ yẹn kò bá kan òun náà nímú, Ìjàpá á kàn jẹ́ ẹranko burúkú kan lójú rẹ̀, kò ní rí ara rẹ̀ nínú ìtàn náà rárá.

### Gbòǹgbò tí kò sí lọ́nà

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àlọ́ yìí ni orin rẹ̀, nítorí pé irọ́ wà nínú rẹ̀, gbogbo ọmọ ló sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ wo bí Ìjàpá ṣe tò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ka òfin náà sétí babaláwo: o ní n má fọwọ́ kẹnu, o ní n má fẹsẹ̀ kẹnu. Kò lè ní òun kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé gbòǹgbò wọlé. Gbòǹgbò ló yọ òun, ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kan ọbẹ̀, ọwọ́ náà ló sì gba ẹnu lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, Ìjàpá kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ṣe é. Ọwọ́ ló ṣe é. Ẹja odindi tó jẹ ti di ìka kan tó kàn lá. Bí ọ̀kánjúwà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá mú un, kì í ní “mo fẹ́ ẹ, mo sì jẹ ẹ́”.

Àwọn ọmọ ló ń gbe orin náà. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní “Alugbinrin!”, bí ó ti wù kí gbólóhùn náà jẹ́. Wọ́n gbe òfin, wọ́n gbe irọ́, wọ́n tún gbe ikùn gbẹ̀ǹdù, ohùn kan náà ni. Nígbà tí mo bá dé ìdí orin báyìí, mo máa ń dánu dúró, mo á bi wọ́n pé, “Ṣé gbòǹgbò yọ ọ́ lóòótọ́?” Ariwo tí wọ́n máa ń pa níbẹ̀ pọ̀. “Rárá o! Ó jẹ ẹ́ ni! Ó lá ìkòkò!” Ọmọ tó pariwo yẹn ti dá ẹjọ́ ná, kí àgbà kankan tó ṣí ẹnu sọ ẹ̀kọ́. Mo ti gbọ́ ọmọ kan tó ní, “Bó bá ṣubú, orúnkún rẹ̀ á bó.” Ọ̀dọ̀ irú wọn ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fi sẹ́nu babaláwo nípa ìdí ìkòkò tó mọ́.

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Ọmọdé kì í sábà lọ síbi ohun ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò pé òun fẹ́ jalè. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti Ìjàpá: kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n ṣí i wò, kí n tọ́ ọ wò, kò kúkú fẹ́ràn ìrù. Bí a bá fo ibi yìí, tí a kàn ní “Ìjàpá bá jẹ gbogbo rẹ̀”, a ti ju ibi tí ẹ̀kọ́ wà nù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ “kí n kàn” náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kí ọmọ lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ọ nínú ọkàn ara rẹ̀.

### Kí ló dé tí n kò mú àlọ́ mìíràn

Àlọ́ Ìjàpá tó dá lórí ọ̀kánjúwà kò lóǹkà, kò sì sí èyí tí kò dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló bá ọmọ kékeré mu.

Ẹ rántí ti Ìjàpá àti Ajá tí wọ́n lọ jí iṣu nínú oko olóko. Ajá mú ìwọ̀nba tó lè gbé, Ìjàpá di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó wá ń ké pe Ajá pé kó dúró ran òun lẹ́rù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á ké sí olóko. Orin rẹ̀ dùn, ọmọ á jó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ọdún márùn-ún pé kí ló rí kọ́, á ní ká máa jí díẹ̀ ni. Kò sì jẹ̀bi. Ohun tí àlọ́ náà fi hàn án nìyẹn, nítorí olè ni Ajá náà, iṣu díẹ̀ ló mú, ó sì sá délé. Ọ̀rọ̀ nípa mímọ ìwọ̀n ara ẹni ló wà nínú àlọ́ yẹn. Àgbàlagbà tó ti mọ̀ pé olè jíjà burú ló lè gbádùn rẹ̀ láìṣìnà.

Èyí tí Ìjàpá ti lọ kí àna rẹ̀, tó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà tó sì dé e mọ́rí títí irun fi bó, òun náà dára. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì tún sọ ìdí tí orí Ìjàpá fi pá. Síbẹ̀, ta ni Ìjàpá rẹ́ jẹ níbẹ̀? Àna rẹ̀ ìbá fún un ní àsáró bó bá béèrè. Ara rẹ̀ nìkan ló ṣe léṣe, ìtìjú ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín gan-an, ẹ̀rín náà ni yóò sì rántí.

Ti àsèjẹ Yánníbo nìkan, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ni ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù ti wà nílé, tó lórúkọ, tí ó sì ń dúró.

### Ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà

Ó jọ mí lójú pé bí a ṣe ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà, Yánníbo ń sọnù nínú àlọ́ náà. A dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, a ní kò rọ́mọ bí, ó rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́, ó tán. Láti ibẹ̀ lọ, ikùn Ìjàpá ni gbogbo ilé ń wò. Ẹni tó ṣẹ̀ gba gbogbo ojú, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú un padà wá níparí, tí mo jẹ́ kó gbálẹ̀, kó tẹ́ ẹní, kó fọ abọ́. N kò fi kún ìtàn náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ìyẹn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ń retí irú oògùn bẹ́ẹ̀, kí ni yóò tún máa ṣe bí kò ṣe pé kó máa wo ojú ọ̀nà?

Bí mo ti ń rò ó lọ ni ọkàn mi ń lọ sórí àwọn alájọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà. Alájọ á máa gba owó kékeré lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ìyá aláta, ìyá ẹlẹ́wà àti bàbá tó ń ṣe bàtà, á máa sàmì sínú káàdì. Ní ìparí oṣù, á kó owó oníkálukú fún un, á sì mú owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ bí owó iṣẹ́. Owó ọjọ́ kan yẹn tọ́ sí i, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ìyókù ni àsèjẹ. Alájọ tó bá fi ọwọ́ kan ìyókù kì í sábà gbé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. “Kí n kàn fi yá ara mi, n ó dá a padà kí oṣù tó parí” ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, gbòǹgbò á yọ: wọ́n dá òun lọ́nà, ara ọmọ òun ò yá, ọjà ò tà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, àmọ́ ìyá aláta ti jókòó nílé kó tó di ọjọ́ náà, kò sì rí owó iléèwé ọmọ rẹ̀ san.

A máa ń bú irú alájọ bẹ́ẹ̀ pé kò ní rí ayé wà, pé owó náà á pa á. Èpè yẹn, ikùn tó ń wú ni. Nígbà míràn kì í wú. A ti rí àwọn tó jẹ owó olówó tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n sì darúgbó. Ọmọ tó jẹ́ pé ikùn wíwú nìkan la fi kọ́ ọ, kí ni yóò rò nígbà tó bá dàgbà tó sì rí wọn? Èyí tí a bá kọ́ láti wo ojú Yánníbo ṣì ní ohun tó lè dì mú, bí ikùn Ìjàpá bá wú tàbí bí kò wú.

### Ibi tí a ó pa á dé

Ìbéèrè kan kù tí àwọn òbí máa ń bi ara wọn: ṣé kí Ìjàpá kú? Mo ti gbọ́ ọ tí ikùn rẹ̀ bẹ́, tó sì kú síbẹ̀. Mo tún ti gbọ́ ọ tí babaláwo ṣàánú rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí ọmọ ló yẹ kó sọ èyí tí a ó pa. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, n kì í pa Ìjàpá. Bó bá kú, ikú náà ni ọmọ á gbé lọ sórí ẹní, á máa bi mí lóru pé ṣé wọ́n sin ín. Mo máa ń fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà babaláwo pẹ̀lú ikùn rẹ̀, kí n lè tètè dé ọ̀dọ̀ Yánníbo.

Àwọn kéékèèké yìí náà ni mo máa ń sọ ẹ̀kọ́ fún ní gbangba. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní kò yẹ ká máa sọ ẹ̀kọ́ ní tààràtà, pé ká jẹ́ kí ọmọ wá a fúnra rẹ̀. N kò bá wọn gbà fún ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, ohun tó tóbi jù nínú ìtàn ni yóò gbé lọ, ikùn ló sì tóbi jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ náà kúrú, kó dárúkọ ohun tí Ìjàpá ṣe gan-an, kó sì jẹ́ ohun tí ọmọ lè ṣe lọ́la: wọ́n rán ọ, gbé e délé. “Má ṣe ọ̀kánjúwà” nìkan kò tó. Ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ ibi tí ọ̀kánjúwà ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ abọ́ àkàrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́jọ yàtọ̀. N kì í sọ ẹ̀kọ́ fún wọn mọ́, àwọn ni mo ń bi. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni ọmọ aládùúgbò wa kan ní babaláwo náà jẹ̀bi, pé ó yẹ kó ti mọ Ìjàpá, kí ló dé tí kò ránṣẹ́ pe Yánníbo kó wá jẹ ẹ́ lójú rẹ̀? Òmíràn ní rárá, pé bí gbogbo èèyàn bá ní láti fi ojú ara wọn rí ohun gbogbo, kò sẹ́ni tí yóò tún lè rán ẹnì kejì níṣẹ́ mọ́. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, èmi kò sì dá sí i. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà, mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn òbí wọn nílé, kí wọ́n wá sọ fún mi ohun tí oníkálukú wí.